Omi ẹ̀yìn ọmọ, àti abẹ́rẹ́ tí kò gbọdọ̀ dúró dè é

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo ka lẹ́tà tí ìyá kan kọ sí yín lórí ọmọ rẹ̀ tí àrùn yírùnyírùn, èyí tó ń kọlu awọ tó bo ọpọlọ, kọlù. Ohun méjì ló ń dùn ún. Èkíní ni pé kí ló dé tí àwọn dókítà fi ní dandan ni kí àwọn fa omi lẹ́yìn ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná. Èkejì ni pé bó bá jẹ́ omi yẹn ni yóò sọ àrùn tó ń ṣe ọmọ, kí ló dé tí wọ́n ti ń fún un lábẹ́rẹ́ kí èsì tó jáde? Wọ́ọ̀dù pàjáwìrì àwọn ọmọdé ni mo ti ń ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn níbí. Kò sí ìgbà tí àwọn òbí kì í bi wá ní ìbéèrè méjèèjì yìí, wọ́n sì yẹ lẹ́ni tí a ń dá lóhùn dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rin kan tí a tọ́jú. Ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná lọ́jọ́ Àìkú. Ìyá rẹ̀ gbé e lọ sí kẹ́míìsì àdúgbò, wọ́n gún un níka, àyẹ̀wò ibà sì fi hàn pé ibà wà lára rẹ̀. Wọ́n fún un ní oògùn ibà, wọ́n sì fi antibáyótíìkì olómi kan kún un. Lọ́jọ́ Ajé, ó ń bì ṣáá. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, oorun ló ń sùn, bó bá sì jí, á ní orí ń fọ́ òun, á ní kí wọ́n pa iná. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni gìrì gbé e, ni wọ́n bá sáré gbé e wá.

Bàbá rẹ̀ na ìwé àyẹ̀wò ibà yẹn sí mi. Ó ní, "Dókítà, ibà ni, wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò." Mi ò bá a jiyàn, ibà wà lára ọmọ náà lóòótọ́. Àmọ́ nílẹ̀ wa níbí, ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń gbé kòkòrò ibà kiri nínú ẹ̀jẹ̀ láìjẹ́ pé òun ló dá wọn dùbúlẹ̀, àyẹ̀wò oníka yẹn sì lè máa sọ pé ibà wà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí ọmọ ti lo oògùn tán. Ibà tó bá gun orí náà máa ń fa gìrì, ó sì máa ń mú kí ọmọ dákú. Tí ẹ bá tẹ́ ọmọ tí ibà gun orí rẹ̀ àti ọmọ tí yírùnyírùn ń ṣe sórí bẹ́ẹ̀dì méjì, ojú lásán kì í sábà lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Omi tó yí ọpọlọ àti mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn ká ló lè yà wọ́n.

Kí a tó dé orí omi, mo wo ọrùn rẹ̀. Mo gbé fóònù tí àwòrán ń ṣeré nínú rẹ̀ sórí ikùn rẹ̀, mo ní kó wò ó. Ẹyinjú rẹ̀ nìkan ló wá sísàlẹ̀, ọrùn kò tẹ̀. Nígbà tí mo fi ọwọ́ gbé orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ká sókè fúnra wọn. Ẹni tó bá rí èyí kò ní í gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọkàn balẹ̀ torí pé ọrùn ọmọ tirẹ̀ kò gan. Ọrùn ọmọ ọwọ́ kì í sábà gan rárá. Ti ọmọ ọwọ́ ni pé kò ní í gba ọmú mọ́, ẹkún rẹ̀ á máa dún tíín-ín, bẹ́ẹ̀ ni gbígbé mọ́ra kò ní í rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Àwújẹ̀ rẹ̀ lè wú sókè nígbà tó jókòó jẹ́ẹ́ tí kò sunkún, ara rẹ̀ sì lè tutù dípò kó gbóná. Àgbàlagbà pàápàá kì í fìgbà gbogbo ní gbogbo àmì. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Nẹ́dálándì tó jáde ní 2004, àgbàlagbà 44 péré nínú 100 ló ní ara gbígbóná, ọrùn gígan àti ọkàn dídàrú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tí a sọ fún àwọn òbí ọmọ náà pé a fẹ́ fa omi ẹ̀yìn, bàbá ní òun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pe àwọn ẹbí. Ó jáde lọ fi fóònù pè wọ́n. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ dáhùn ìbéèrè kejì ìyá tó kọ̀wé sí yín. A kò dúró. A fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú ìgò tí láàbù fi ń hu kòkòrò, a wo ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà a fún un ní abẹ́rẹ́ antibáyótíìkì tí à ń pè ní sẹfitiráásóònù sínú iṣan. Mílígíráàmù 100 ni fún kílò kan, kílò 16 ni ọmọ náà, nítorí náà 1,600 ló gbà. A fi oògùn ibà oníṣan kún un. Bí a bá lè fa omi náà lójú ẹsẹ̀, à bá kọ́kọ́ fà á. Àmọ́ nígbà tí ohunkóhun bá ti fẹ́ dá a dúró, ì báà jẹ́ ẹbí, ì báà jẹ́ síkáànù, ì báà jẹ́ owó, abẹ́rẹ́ ló ń ṣáájú. Kò yẹ kí wákàtí kan kọjá lẹ́yìn tí ọmọ wọlé kó tó gbà á.

Ìdí rẹ̀ ni pé inú omi yẹn kò ní ààbò. Nínú ẹ̀jẹ̀, ara ní oríṣiríṣi ohun ìjà tó fi ń pa bakitéríà. Nínú omi ọpọlọ, ohun ìjà wọ̀nyẹn kò tó nǹkan, bakitéríà tó bá ráyè débẹ̀ á máa pọ̀ sí i láìsí ẹni tí yóò dá a dúró. Nígbà tí ara bá wá kó sẹ́ẹ̀lì funfun débẹ̀, ìjà náà fúnra rẹ̀ á mú kí ọpọlọ wú. Inú egungun agbárí ni ọpọlọ sì wà, kò ríbi tí yóò wú sí. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ á fún pọ̀, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú wọn, apá ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé á sì kú. Oògùn lè pa bakitéríà, ṣùgbọ́n kò lè jí ibi tó ti kú. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bí ẹnì kan nínú mẹ́fà tí yírùnyírùn oníbakitéríà bá ṣe ló ń kú, ẹnì kan nínú márùn-ún sì ń bá àléébù ńlá lọ.

Bí wákàtí méjì kọjá kí bàbá tó padà wọlé pẹ̀lú àṣẹ ẹbí. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn á rọ ọmọ òun lẹ́sẹ̀. Mo fi ìka hàn án lẹ́yìn ara rẹ̀. Mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn ti parí sókè, ní nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ egungun ìbàdí kejì. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀, láàárín egungun kẹta àti ìkẹrin tàbí ìkẹrin àti ìkarùn-ún, ni a ń gún, okùn iṣan tín-ín-rín tó ń léfòó nínú omi nìkan ló kù níbẹ̀. Ohun tí a fẹ́ fà kò ju ìkán díẹ̀ sínú ìgò kéékèèké mẹ́ta lọ, ara yóò sì ṣe òmíràn dípò rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn kan náà. Ẹ̀yìn lè máa ro ó díẹ̀, orí lè fọ́ ọ. Mo mọ̀ pé àwọn èèyàn ti rí ọmọ tí wọ́n fa omi rẹ̀ tó sì kú lọ́jọ́ kejì. Àwọn tí àìsàn wọn ti le jù ni a ń fa omi wọn, àrùn náà ló sì ń pa wọ́n.

Ewu tòótọ́ wà, mi ò ní í fi pa mọ́. Bí ọmọ bá ti dákú wọra, bí ọmọ ojú kan bá fẹ̀ ju èkejì lọ, bí apá tàbí ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan bá rọ, bí ẹ̀jẹ̀ kò bá ń dì tàbí tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bá tutù tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sì ti wálẹ̀, a kì í fa omi náà lákòókò yẹn. A lè fà á lọ́jọ́ mìíràn. Abẹ́rẹ́ antibáyótíìkì kò ní ọjọ́ mìíràn.

Omi tó jáde lẹ́yìn ọmọ náà dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì. Omi ara ẹni tó dá ṣáká máa ń mọ́ lóló bí a bá gbé e sójú iná. Láàbù ka sẹ́ẹ̀lì funfun 1,850 nínú maikirolítà kan, níbi tó yẹ kí wọ́n má ju 5 lọ. Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá wọn jẹ́ irú tó ń bá bakitéríà jà. Ká ní fáírọ́ọ̀sì ló fà á, wọn kì bá sábà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, irú mìíràn ni yóò sì pọ̀ jù nínú wọn. Ká ní ibà tó gun orí nìkan ni, omi náà ì bá mọ́, sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ ì bá má tó nǹkan. Ṣúgà inú omi náà jẹ́ mílígíráàmù 14 nínú dẹsilítà kan, ti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 92. Ó yẹ kí ti omi tó nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ti ẹ̀jẹ̀, ìdí nìyí tí a fi ń wọn méjèèjì pọ̀. Purotéènì rẹ̀ jẹ́ 230, bẹ́ẹ̀ 45 ló yẹ kó mọ. Lábẹ́ maikirosíkóòpù, láàbù rí bakitéríà díẹ̀ tó pa pọ̀ ní méjìméjì, tí aró ti sọ di àwọ̀ àlùkò. Niumokọ́kọ́ọ̀sì, ọ̀kan nínú àwọn bakitéríà tó ń fa yírùnyírùn, máa ń rí bẹ́ẹ̀.

Wọ́n gbìyànjú láti hu ú, kò hù. Antibáyótíìkì kẹ́míìsì àti abẹ́rẹ́ tiwa ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ohun tí a pàdánù nìyẹn, torí kòkòrò tí kò hù kò ṣeé dán oògùn wò lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó kù: sẹ́ẹ̀lì, ṣúgà àti purotéènì ṣì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Wákàtí díẹ̀ kò tó láti yí wọn padà. Nítorí náà, abẹ́rẹ́ tó ṣáájú kì í sọ omi di asán. Ọjọ́ 14 ni ọmọ náà fi gba sẹfitiráásóònù. Ká ní a kò fa omi náà, tí a sì gba èsì àyẹ̀wò ibà gbọ́, ọjọ́ kẹta ni wọn ì bá mú un relé.

Ó rìn jáde fúnra rẹ̀. Nígbà tí a yẹ etí rẹ̀ wò kó tó lọ, etí òsì kò gbọ́ dáadáa mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta tó lò nílé ni mo rò pé ó fà á, mi ò sì dá ìyá rẹ̀ lẹ́bi, ohun tí wọ́n sọ fún un ló ṣe. Gbogbo ọmọ tí yírùnyírùn bá ṣe ló yẹ kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, torí ọmọ kékeré kò lè sọ fún yín pé òun kò gbọ́rọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé jáde, Olóòtú, ni ti àwọn tó ń ṣe àkóso ilé ìwòsàn. Ní ọ̀pọ̀ ibi, a ó kọ sẹfitiráásóònù sínú ìwé, bàbá ọmọ á mú un lọ sí ilé oògùn, á san owó, á tò sórí ìlà, á tún padà wá tọrọ síríńjì. Wákàtí tí mo ń wí ti lọ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ìgò mélòó kan máa wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù wọ́ọ̀dù pàjáwìrì, kí a fún ọmọ, kí a tó béèrè owó. Ẹ̀yin òbí náà, bí ẹ bá ń gbé ọmọ bọ̀ wá, ẹ mú páálí tàbí ìgò gbogbo oògùn tó ti lò dání. Bí láàbù bá mọ̀ pé ó ti lo antibáyótíìkì, wọn kò ní í torí pé kòkòrò kò hù sọ pé kò sí nǹkan.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Dókítà àwọn ọmọdé kan,
Ìbàdàn.