Sí Dèjì ní Mẹ́líbọ́ọ̀nù, ilẹ̀ Ọsirélíà, nípa Àjíǹde tó ń bọ́ sí ìgbà ìwọ́wé

Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.
Ọjọ́ 15, oṣù kẹta, 2026.

Dèjì ọ̀rẹ́ mi,

O kú àjò o. Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Gbogbo ilé yín, ṣé wọ́n wà dáadáa? Àwa náà wà ńbí, a ń mí sókè, a ń mí sódò, iṣẹ́ ìtẹ̀wé kò sì jẹ́ ká sùn.

Mo rí fọ́tò igi iwájú ilé yín tí o yà ní Àjíǹde èṣí. Ewé yẹn pọ́n bí ẹni pé wọ́n da epo pupa sí i! Ìbéèrè tí o wá fi tì í ni mo fẹ́ dáhùn. O ní ṣọ́ọ̀ṣì yín ṣe Ìkórè lóṣù kẹta, nígbà tí àwa ń ṣe tiwa lóṣù kẹwàá sí ìkọkànlá. O ní bí wọ́n bá lè sún Ìkórè, kí ló dé tí wọn kò sún Àjíǹde sí oṣù kẹsàn-án, tí igi tiwọn ń rúwé? O wá ní kí n má dákẹ́, nítorí èmi ni mò ń tẹ kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dáa, gbọ́.

Ti ojú ọjọ́ kò le. Ayé dagun díẹ̀ bó ṣe ń yí oòrùn ká. Tí oṣù kẹta bá ti ń lọ sópin, apá àríwá á bẹ̀rẹ̀ sí í kọjú sí oòrùn, tiyín ní gúúsù á máa yẹra fún un. Ibi tí ti àwọn Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ti ń rúwé, ibẹ̀ ni tiyín ti ń wọ́wé. Àwa ní Ìbàdàn kò sí nínú ìjà yẹn. Ìwọ̀n méje péré la fi kọjá ìlà agbedeméjì ayé, òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn nìkan la mọ̀. Ní nǹkan bí ọjọ́ 8 oṣù kẹrin, oòrùn ọ̀sán á dúró gangan lórí àtàrí wa, tí èèyàn á máa wá òjìji ara rẹ̀ tì. Òjò àkọ́rọ̀ àti máńgòrò ló ń bá Àjíǹde tiwa rìn.

Ìkórè rọrùn láti sún, nítorí kò sí òfin kan tó dè é mọ́ ọjọ́ kankan. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì lónìí, ọdún 1843 ni àlùfáà kan tó ń jẹ́ Róbáàtì Họ́kà dá a sílẹ̀ ní abúlé Mọ́wẹ́nsítò, ní Kọ́ọ̀nùwọ́ọ̀lù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lásìkò tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ti kó ọkà wọlé. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, iṣu tuntun ti wà lọ́jà lásìkò yẹn, kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni yóò fi yí i padà. Ṣùgbọ́n tiyín, àlìkámà ṣì wà lóko lóṣù kẹwàá, ìparí ọdún ni wọ́n ń kó o. Oṣù kejì sí ìkẹrin ni wọ́n sì ń ká èso àjàrà. Ta ni yóò gbé agbọ̀n òfìfo wá síwájú pẹpẹ? Àlùfáà àti ìjọ jókòó, wọ́n mú Ọjọ́ Ìsinmi mìíràn, ó parí.

Àjíǹde kò rí bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, láti inú ìrúwé ló ti wá. Àjọ Ìrékọjá ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, Diutarónómì sì sọ pé kí wọ́n máa ṣe é lóṣù Abibu, nígbà tí ọkà báálì ń yọ orí nílẹ̀ Ísírẹ́lì. Àmọ́ nígbà tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù pàdé ní Nísíà lọ́dún 325, ohun tó ká wọn lára ni pé kí gbogbo ìjọ máa ṣe é ní Ọjọ́ Ìsinmi kan náà. Òfin tó wá jókòó nìyí: Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé òṣùpá àrànmọ́jú àkọ́kọ́ tó bá bọ́ sí ọjọ́ 21 oṣù kẹta tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí ewé níbẹ̀, kò sí òdòdó. Òṣùpá tí wọ́n sì ń wí, inú tábìlì ló wà, kì í ṣe ojú ọ̀run. Tábìlì tí ìjọ yín àti tiwa ń lò, àtúnṣe Póòpù Gírégórì Kẹtàlá ti ọdún 1582 ló bá dé.

Jẹ́ kí n fi tọdún yìí hàn ọ́, bí mo ṣe máa ń ṣe é lórí bébà pélébé kí n tó fọwọ́ sí kàlẹ́ńdà. Mú 2026, fi 19 pín in, ó ku 12. Fi ẹyọ kan kún un, ó di 13. Lọ sí ìlà 13 nínú tábìlì: ọjọ́ 2 oṣù kẹrin. Ọjọ́bọ̀ ni. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e ni ọjọ́ 5, òun ni Àjíǹde. Ìṣẹ́jú méjì, n kò sì yọjú síta wo òṣùpá. Lọ́dún tó ń bọ̀, ìlà 14 ni, ọjọ́ 22 oṣù kẹta. Àjíǹde á sì bọ́ sí ọjọ́ 28.

O lè sọ pé tábìlì àti ojú ọ̀run ṣáà bára mu. Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, àmọ́ wo ọdún 2019. Ọjọ́ 20 oṣù kẹta ni ìrúwé wọlé ní àríwá. Ní òru tó mọ́jú ọjọ́ 21, òṣùpá kún rẹ́rẹ́. Ká ní ojú ọ̀run là ń tẹ̀ lé ni, ọjọ́ 24 là bá ṣe Àjíǹde. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 20 ni tábìlì ka òṣùpá yẹn sí, ó fi ọjọ́ kan péré jìn sẹ́yìn, wọ́n sì fò ó. Ọjọ́ 21 oṣù kẹrin la tó ṣe é. Àwọn ará Róòmù gan-an tí ìrúwé wà lẹ́nu ọ̀nà wọn, tábìlì kò gbọ́ tiwọn. Ṣé ti igi iwájú ilé yín ni yóò wá gbọ́?

Ká tilẹ̀ gbà pé ẹ̀yin ará gúúsù yọwọ́, ẹ kọ tábìlì tiyín, tí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án. Àjíǹde á máa bọ́ sí ìparí oṣù kẹsàn-án títí dé nǹkan bí ìparí oṣù kẹwàá. Lẹ́ńtì á tẹ̀ lé e lọ síwájú, Pẹ́ńtíkọ́sì á tẹ̀ lé e bọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje. Kérésì kò sì ní kúrò lójú kan. Lọ́dún mìíràn, Pẹ́ńtíkọ́sì á kọlu Ádífẹ́ǹtì, ẹ ò ní mọ èyí tí ẹ ó kọ orin rẹ̀. Èmi ò ní tẹ irú kàlẹ́ńdà bẹ́ẹ̀ fún yín o, ẹ wá ẹlòmíràn.

Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni ẹyin Àjíǹde. Nílẹ̀ Òyìnbó, adìẹ tí òtútù ti mú dákẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í yé bí ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ bá ṣe ń gùn, ẹyin sì wá pọ̀ fún ọdún. Tiyín, ìgbà tí ọjọ́ ń kúrú ni, adìẹ àgbàlá ń pààrọ̀ ìyẹ́, yíyé rẹ̀ ti ń fà sẹ́yìn. Ẹyin ṣokoléètì nìkan ni kò mọ̀gbà. O ní ẹranko bílíbì ni wọ́n tún fi ń ṣe ṣokoléètì dípò ehoro, nítorí ehoro ti ba oko àwọn ará ibẹ̀ jẹ́. Ìyẹn bá mi lára mu ju kí wọ́n máa fi òdòdó ìrúwé yàwòrán sára káàdì.

Nǹkan kan wà tí ó yẹ kí o fiyè sí lọ́dún yìí. Òru tí yóò mọ́jú Àjíǹde gan-an ni aago yín ń padà sẹ́yìn ní wákàtí kan, nítorí Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹrin ni ìjọba yín fi í sí. Bí ìsìn òwúrọ̀ kùtùkùtù bá wà, má lọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì ní wákàtí kan ṣáájú àlùfáà. Láti àárọ̀ yẹn lọ, wákàtí 9 ni ẹ ó fi ṣáájú wa, kì í ṣe 10 mọ́. Bí o bá fẹ́ pè mí kí n tó lọ sí ìsìn aago méje, pè ní aago mẹ́ta ọ̀sán yín, màá ti jí, màá ti wẹ̀.

Kí gbogbo ilé fún mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Bíọ́dún