Lẹ́tà Sáà Kejì sí Àwọn Òbí: Ìdánwò Àwọn Ọmọ Tí Kò Lè Fọwọ́ Kọ̀wé

Ẹ̀bútè-Mẹ́tta, Èkó

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú ìnáwó ọmọ.

Ní sáà tó kọjá, a ní akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé kò lè di bírò mú. A fún un ní akọ̀wé tí yóò máa kọ ohun tó bá sọ. Nínú ìdánwò ìṣirò, ọmọ náà ní, “x, àmì ìròpọ̀, 1 lórí 2.” (x + 1)/2 ló wà lọ́kàn rẹ̀, x + 1/2 ni akọ̀wé kọ. Bí x bá jẹ́ 3, ti ọmọ jẹ́ 2, ti akọ̀wé jẹ́ 3.5. Ọmọ mọ ìṣirò, máàkì sì bọ́. Ẹ̀bi wa ni, torí ọjọ́ ìdánwò gan-an ni àwọn méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó pọ̀. Ó dùn mí gan-an.

Láti sáà yìí lọ, ọmọ àti akọ̀wé rẹ̀ yóò ti máa fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dánra wò ṣáájú. Ọmọ yóò kọ́ bí a ti ń sọ “ṣí àkámọ́, pa àkámọ́,” àti ibi tí ìlà tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Akọ̀wé yóò ka ìlà kọ̀ọ̀kan padà fún un kí wọ́n tó tẹ̀ síwájú. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ní 7 × 8 jẹ́ 54, 54 náà ni akọ̀wé yóò kọ. Kò gbọdọ̀ bi í pé, “Ṣé ó dá ọ lójú?” Ìdí nìyí tí a kì í fi í lo olùkọ́ iṣẹ́ náà tàbí ẹbí ọmọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá.

Yàrá ọ̀tọ̀ ni wọn yóò lò, kí àwọn ẹlòmíràn má baà gbọ́ ìdáhùn. A ó sì fi ìṣẹ́jú 15 kún wákàtí kọ̀ọ̀kan, torí ká máa sọ kí ẹlòmíràn máa kọ a máa falẹ̀.

Ẹni tó ń ka ìbéèrè fún ọmọ náà lè tún un kà títí, àmọ́ kò gbọdọ̀ ṣàlàyé rẹ̀.

Ní ti ìwé ìbéèrè onílẹ́tà gàdàgbà fún ọmọ tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, a ti dẹ́kun fífi ẹ̀rọ fọ́tòkópì fẹ̀ ẹ́ láti A4 sí A3. Ìlà sẹ̀ǹtímítà 10 a di bíi 14, ọmọ tó bá fi rúlà wọ̀n ọ́n a sì gba òdo. A ó máa tẹ̀ ẹ́ lákọ̀tun ni, àwòrán tí wọ́n fẹ́ wọ̀n yóò sì wà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ti bíréèlì tí àwọn afọ́jú ń fi ìka kà gba àkókò jù, torí pé àwọn ìlà àwòrán gbọ́dọ̀ yọ sókè kí ìka lè mọ̀ wọ́n. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ ti fi ìbéèrè sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú.

Bí ọmọ yín bá nílò èyíkéyìí, ẹ mú ìwé dókítà wá kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí. Fún ọmọ tó ń lọ ṣe Wáẹ́ẹ̀kì, ìgbà ìforúkọsílẹ̀ ni a ti gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Bó bá sì jẹ́ pé ọ̀kadà ló gbé ọmọ ṣubú lọ́sẹ̀ ìdánwò, tí ọwọ́ ṣẹ́, ẹ pè mí lọ́jọ́ náà gan-an, ì báà jẹ́ lóru.

Èmi ni tiyín,
Ọ̀gá Ilé-Ẹ̀kọ́