Ìkéde: Àkọsílẹ̀ Ìparí Iṣẹ́ Nírọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń ṣiṣẹ́ láti ilé ní Yábàá àti Súrùlérè, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, kí olúkúlùkù fi àkọsílẹ̀ tirẹ̀ sórí Wasáàpù ẹgbẹ́ kó tó pa kọ̀ǹpútà.

Wákàtí la kọ́kọ́ ń kọ, ibẹ̀ náà ni àṣìṣe ti ń pọ̀ jù. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní 9:00 tó sì parí ní 5:30 á ní wákàtí mẹ́jọ ààbọ̀ lòun ṣe. Ṣùgbọ́n iná lọ ní 1:20, kò dé títí di 2:05; ó tún fi ìṣẹ́jú 45 jẹun. Ẹ yọ ìṣẹ́jú 90 yẹn, wákàtí méje péré ló kù. Gbàrà tí iná bá ti lọ ni kí ẹ kọ àkókò rẹ̀ sílẹ̀, torí tó bá di ìrọ̀lẹ́, àfojúdá lásán ni.

Ní ti iṣẹ́ tí kò parí, “ó kù díẹ̀” kò tó. Ẹ kọ ibi tó dúró sí àti ẹni tí ẹ ń retí èsì rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ ọ̀la gbọ́dọ̀ ṣe é bẹ̀rẹ̀ láìronú: “Ṣí fáìlì owó-oṣù, bẹ̀rẹ̀ láti ìlà 48.” Ẹ má kọ “Parí owó-oṣù.”

Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá dáa, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí akọ̀wé.