Ohun tó já bàálù Iju kì í ṣe ọ̀kan

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Mo ka lẹ́tà ẹni tó ní bí bàálù bá ti já, kí wọ́n ṣáà ti rí àpótí dúdú, ọ̀rọ̀ ti parí. Ó fi bàálù Dana tó já sí Iju-Ìṣàgá nílùú Èkó lọ́jọ́ 3 oṣù kẹfà ọdún 2012 ṣe àpẹẹrẹ, ó ní àpótí yẹn ló tú àṣírí àwọn pílọ́ọ̀tù. Gbogbo èèyàn 153 tó wà nínú bàálù náà ló kú, àwọn mìíràn sì kú nílẹ̀. Nítorí wọn, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí.

Àpótí méjì ni irú bàálù bẹ́ẹ̀ ń gbé. Ọ̀kan ń gba ohùn inú yàrá àwọn pílọ́ọ̀tù sílẹ̀. Èkejì ń kọ eré, gíga, ọ̀nà tí bàálù dojú kọ àti bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́. Ní Iju, iná tó jó lẹ́yìn tí bàálù já yọ́ téèpù inú èkejì yìí, wọn ò rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Ti ohùn nìkan ló kù, kò sì ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 31 lọ, torí ó máa ń pa ohùn àtijọ́ rẹ́ bó ṣe ń gba tuntun. Nígbà tí ohùn tó kù yìí máa bẹ̀rẹ̀, bàálù ti kúrò ní Àbújá fún ìṣẹ́jú 17, àwọn pílọ́ọ̀tù sì ti ń bára wọn sọ ọ́ pé agbára ẹ́ńjìnnì ò bá ibi tí àwọn ti ọ̀pá rẹ̀ dé mu. Bí wàhálà náà ṣe kọ́kọ́ yọjú kò sí nínú téèpù kankan.

Téèpù lè jẹ́ ká mọ ohun tí wọ́n rí àti ohun tí wọ́n ṣe. Kò lè sọ ìdí tí ẹ́ńjìnnì fi kọ̀ fún wọn. Orí ilẹ̀ ni àwọn olùwádìí ti lọ wá ìyẹn. Àwókù bàálù náà kò fọ́n ká. Ojú kan ló wà, ìrù àti àwọn ẹ́ńjìnnì sì wà níbi tí ipa àwókù ti bẹ̀rẹ̀. Bàálù tó bá fọ́ lókè máa ń já sílẹ̀ káàkiri ni, èyí kò fọ́ lókè. Wọ́n kó ẹ́ńjìnnì méjèèjì lọ sí Máyámì, wọ́n tú wọn palẹ̀, wọ́n bá àwọn páìpù tó ń pín epo nínú wọn: òmíràn ti kán, òmíràn ti sán, òmíràn lọ́ tàbí kí ó fún pọ̀. Epo tó yẹ kó lọ jó ń jò sí ibòmíràn.

Ẹ ó bi mí pé ṣé kì í ṣe bàálù tó já ló fọ́ páìpù? Ìbéèrè gidi ni. Ohun tó ràn wọ́n lọ́wọ́ ni bàálù mìíràn tí ilé iṣẹ́ kan náà ń lò, tí nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 5N-SAI, tó yíjú padà sílé ní oṣù kẹwàá ọdún 2013 nítorí ẹ́ńjìnnì. Òun kò já, síbẹ̀ irú àléébù páìpù kan náà ni wọ́n bá lára ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kan tó kú kì í já bàálù ẹlẹ́ńjìnnì méjì; wọ́n ṣe é kó lè fi ẹyọ kan balẹ̀. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti di ẹ̀wọ̀n, oríkèé kan ń fa èkejì. Àwọn pílọ́ọ̀tù ò lo ìwé àyẹ̀wò tó yẹ kí wọ́n tẹ̀ lé nírú àkókò bẹ́ẹ̀, wọn ò sì yà sí pápákọ̀ òfuurufú tó sún mọ́ wọn jù. Èkó ni wọ́n kọjú sí. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì kejì náà kọ̀, tí wọ́n ti ń sún mọ́ Èkó, ni wọ́n tó ké pàjáwìrì. Ká ní páìpù dára ni, ìdánwò ì bá má dé bá wọn. Bí wọ́n bá ti tètè balẹ̀, ẹ́ńjìnnì kejì ì bá wulẹ̀ kú sórí ilẹ̀. Ẹni tó bá ní pílọ́ọ̀tù nìkan ló fà á ti dá àwọn tó tún ẹ́ńjìnnì ṣe sílẹ̀, ẹni tó bá sì ní ẹ́ńjìnnì nìkan ni ti gbójú fo nǹkan bí ìdajì wákàtí tí wọ́n fi mọ̀ pé nǹkan ò dáa.

Àwa ará Ọ̀yọ́ mọ ohun tí ìkánjú ń ṣe. Nígbà tí bàálù Bellview já ní oṣù kẹwàá ọdún 2005, ìròyìn àkọ́kọ́ ní Kíṣì ló wà, wọ́n tún ní àwọn kan yè. Lísà ní ìpínlẹ̀ Ògùn ló já sí, gbogbo èèyàn 117 ló kú. Wọn ò rí àpótí ohùn tàbí ti ìrìn kankan lò. Àwọn olùwádìí tọ́ka sí àléébù tó wà lára bàálù náà, àti sí iṣẹ́ tó pọ̀ lọ́rùn pílọ́ọ̀tù, síbẹ̀ wọ́n kọ ọ́ kedere pé àwọn kò ní ẹ̀rí tó láti sọ ohun tó já a. Mo bọlá fún wọn fún gbólóhùn yẹn.

Ọdún 2017 ni àbájáde ìwádìí Iju tó jáde, èyí tó ju ọdún mẹ́rin lọ lẹ́yìn ìjàǹbá náà. Ọjọ́ tí bàálù bá já, ojú ìwé kìn-ín-ní ni ẹ máa ń gbé e sí. Mo bẹ̀ yín, kí ẹ fún ọjọ́ tí àbájáde bá jáde ní ojú ìwé kan náà, kí ẹ sì tẹ gbogbo oríkèé ẹ̀wọ̀n náà, títí kan àyè tí àwọn olùwádìí bá ti kọ ọ́ pé àwọn ò mọ̀.

Èmi ni olùkàwé yín,
Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́