Ẹ Yé Yọ Ìdá Agbanisíṣẹ́ Nínú Owó Òṣìṣẹ́

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde nítorí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ aládàáni ní Àkúrẹ́ níbí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tíṣà nílé ẹ̀kọ́ aládàáni kan, gbé sílíìpù owó oṣù rẹ̀ wá bá mi. ₦120,000 ni owó oṣù rẹ̀. Wọ́n yọ ₦18,000 fún pẹ́ńṣọ̀n, ó ku ₦102,000, ká tiẹ̀ fi ti owó orí sílẹ̀ ná. Wọ́n ní bí òfin ṣe wí nìyẹn.

Òfin ò wí bẹ́ẹ̀ rárá! Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 ní kí òṣìṣẹ́ dá ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán, kí agbanisíṣẹ́ sì fi ìdá 10 kún un láti àpò ara rẹ̀. Kò pọn dandan kí wọ́n ṣírò rẹ̀ lórí gbogbo owó oṣù, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n máa ṣírò rẹ̀ lé lórí kò gbọdọ̀ kéré sí bésíìkì, owó ilé àti owó ọkọ̀ pa pọ̀. Ti ọmọ yìí, bésíìkì jẹ́ ₦50,000, owó ilé ₦30,000, owó ọkọ̀ ₦20,000. Ó di ₦100,000. ₦20,000 tó kù jẹ́ owó oúnjẹ àti àjẹmọ́nú mìíràn.

Nítorí náà, ₦8,000 péré ló yẹ kí wọ́n yọ lọ́wọ́ rẹ̀, owó orí kì í sì í kan ₦8,000 náà. Ilé ẹ̀kọ́ ni yóò mú ₦10,000 wá, kí ₦18,000 lè pé nínú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì rẹ̀. ₦112,000 ló yẹ kó kù fún un kí owó orí tó dé. ₦10,000 tí wọ́n ń gbà lóṣooṣù yẹn, ẹrù agbanisíṣẹ́ ni wọ́n gbé lé e lórí. Agbanisíṣẹ́ lè dá gbogbo rẹ̀ san tó bá wù ú, bí kò bá ti dín sí ìdá 20, àmọ́ kò sí ibi tí òfin ti ní kí òṣìṣẹ́ dá a san.

Ohun tó ń mú kí èyí pẹ́ kó tó hàn ni pé àkáǹtì náà ò ní àléébù kankan. ₦18,000 ń wọlé bó ṣe yẹ. Sílíìpù nìkan ló lè tú àṣírí.

Àwọn mìíràn ń ṣe é lọ́nà tó ń dùn mọ́ òṣìṣẹ́: bésíìkì nìkan ni wọ́n ń ṣírò. Wọn á yọ ₦4,000 dípò ₦8,000, inú ẹni náà á dùn pé owó ọwọ́ òun pọ̀. Ṣùgbọ́n ₦5,000 ni agbanisíṣẹ́ yóò mú wá, ₦9,000 ni yóò wọ àkáǹtì dípò ₦18,000. Èyí gan-an ló ń bà mí nínú jẹ́ jù, torí ẹni tí wọ́n ń rẹ́ jẹ ló ń dúpẹ́.

Ẹ bá wa sọ fún wọn, kí kálukú gba ìwé àkáǹtì lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ sílíìpù. Láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7 tí owó oṣù bá ti jáde ló yẹ kí owó náà ti dé ibẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan,
Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́.