Ọ̀rọ̀ Sí Àwọn Oníbàárà Wa: Ìgbà Tí Ẹ̀rọ Bá Ní Ọmọ Ga Ní Ọ̀sán Ju Àárọ̀ Lọ

Ẹ̀yin oníbàárà wa ní Òṣogbo àti agbègbè rẹ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin oníkẹ́míìsì, ẹ̀yin ọ̀gá ilé ìwé tí ẹ ń ra òṣùwọ̀n lọ́wọ́ wa ní Òkè-Fìà, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ ká yanjú, torí ẹ ń bi mí lórí fóònù ṣáá. Kí ló dé tí ẹ̀rọ díjítà tó ń fi ìró wọn gíga kì í bá òṣùwọ̀n onírin ara ògiri mu? Èwo ni ká gbà gbọ́ nínú méjèèjì?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Èyí tí ẹ ń rà jù ni èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ sókè, tó dojú kọ ilẹ̀, tí ènìyàn á wá dúró sábẹ́ rẹ̀. Kò sí nǹkan kan tó ń kan onítọ̀hún lórí. Ẹ̀rọ á rán ìró kan wá sísàlẹ̀, irú ìró tí etí wa kò lè gbọ́. Ìró náà á ba àtàrí, á padà sókè, ẹ̀rọ á sì mọ iye àkókò tó fi lọ tó fi bọ̀. Nígbà tó ti mọ bí ìró ṣe ń yára tó, á fi àkókò yẹn ṣírò bí orí ṣe jìnnà sí òun tó. Á wá yọ ìyẹn kúrò nínú gíga ibi tí wọ́n gbé òun kọ́ sí. Ohun tó bá kù ló ń kọ sójú.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ìró kì í sá eré kan náà lójoojúmọ́. Tí afẹ́fẹ́ bá gbóná, ìró á yára sí i. Tí ooru yàrá bá jẹ́ 24°C, bó ṣe máa ń rí láàárọ̀ kùtù, ìró ń rin nǹkan bíi mítà 346 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí yàrá kan náà bá gbóná dé 34°C lọ́sàn-án, ó ti di mítà 352. Bí ẹ̀rọ kò bá ní ohun tó ń wo ooru nínú, tàbí tí ìyẹn ti bàjẹ́, kò lè mọ̀ pé nǹkan ti yí padà. Ìró á tètè dé, ẹ̀rọ á sì rò pé orí ló sún mọ́ òun.

Ìyá kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn aládàáni kan nílùú yìí ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà hàn kedere sí gbogbo wa nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó pè mí, ó ní, "Bọ̀dá, ọmọ tí mo wọn láàárọ̀, tó jẹ́ 118 géérégé, ẹ̀rọ yín ti sọ ọ́ di 119 ààbọ̀ lọ́sàn-án. Ṣé iyán tó jẹ ló mú un ga ni?"

Mo ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ pè, Mà. Àárọ̀ ni ẹ sẹ́ẹ̀tì rẹ̀, àbí?"

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, aago méje, kí èrò tó dé. Nígbà tí ẹ bá ń sẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ẹ máa sọ gíga ibi tí ẹ gbé e kọ́ sí fún un, òun á sì fi ìyẹn mọ eré tí ìró ń sá ní wákàtí yẹn.

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀. Wọ́n gbé ẹ̀rọ náà kọ́ sí 210 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀. Ọmọ ga 118, àlàfo tó wà láàárín orí rẹ̀ àti ẹ̀rọ jẹ́ 92. Lọ́sàn-án, ìró yára ju ti àárọ̀ lọ ní nǹkan bíi ìdá kan àti mẹ́ta nínú mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ̀rọ wá ka 92 yẹn bíi 90.4. Ẹ yọ 90.4 kúrò nínú 210, ó ku 119.6. Ọmọ kò ga rárá o. Yàrá ló gbóná.

Àmì kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń wọn ọmọ mọ̀. Ara ènìyàn kì í ga sí i láàárín àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́, ṣe ló máa ń fúnpọ̀ díẹ̀, torí àwọn ohun rírọ̀ tó wà láàárín egungun ẹ̀yìn máa ń tẹ̀ bí a bá ti ń dúró tí a ń rìn. Ó lè tó sẹ̀ǹtímítà kan kó tó di alẹ́. Nítorí náà, tí ẹ̀rọ bá ní ẹnì kan ga ní ọ̀sán ju àárọ̀ lọ ní ohun tó ju mìlímítà díẹ̀, tí ẹ sì dá a dúró bákan náà lẹ́ẹ̀mejèèjì, ẹ̀rọ ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Ohun tó wá burú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé àṣìṣe náà kì í ṣe ọgbọọgba fún gbogbo ènìyàn. Àlàfo tó wà lókè orí ló ń bí i. Àgbàlagbà tó ga 175 lábẹ́ ẹ̀rọ kan náà, lọ́sàn-án kan náà, àlàfo 35 péré ló ní, àṣìṣe tirẹ̀ kò ju mìlímítà mẹ́fà lọ. Ọmọ kékeré tó ga 90, àlàfo tirẹ̀ jẹ́ 120, ẹ̀rọ á fi sẹ̀ǹtímítà méjì kún un. Mo ti rí i kí dókítà tàbí ọ̀gá ilé ìwé dúró sábẹ́ ẹ̀rọ, kó rí i pé ó bá gíga tó ti mọ̀ mọ́ ara rẹ̀ mu, kó sì ní ẹ̀rọ dára. Ó dára fún òun lóòótọ́. Àwọn ọmọ tí wọ́n tìtorí wọn ra ẹ̀rọ ni kò dára fún. Ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ máa ń ga tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sí mẹ́fà lọ́dún, ìyẹn bíi ọ̀kan ààbọ̀ láàárín oṣù mẹ́ta. Àṣìṣe 1.6 ti gbé ìdàgbàsókè oṣù mẹ́ta mì. Ọmọ tí kò dàgbà rárá lè dà bí ẹni tó ń dàgbà dáadáa lórí káàdì rẹ̀, ìyá rẹ̀ á sì mú un lọ sílé láìsí ẹni tó fura.

Òṣùwọ̀n onírin ara ògiri kò ní irú ìṣòro yẹn. Alumíníọ̀mù náà máa ń gùn sí i tí ooru bá mú, ṣùgbọ́n láàárín 24°C sí 34°C, ọ̀pá tó gùn tó ọmọ yẹn kò gùn sí i tó ìdá mẹ́ta mìlímítà kan. Ojú kò lè rí i. Ohun kejì tó ṣe pàtàkì ni pátákó tó ń sọ̀ kalẹ̀ sórí ọmọ: ó ń tẹ irun mọ́lẹ̀ títí á fi kan agbárí. Ìró kò lè tẹ irun. Irun tó kún á jẹ́ kí ìró padà láti òkè irun, tàbí kí irun fa ìró náà mu tí ẹ̀rọ á sì máa kọ nǹkan tí kò yé ènìyàn. Ṣùkú ń fi kún gíga, gèlè àti fìlà ń fi kún un. Òṣùwọ̀n onírin náà kò lè tẹ ṣùkú tó le, ẹ ní láti tú u níbi méjèèjì, ṣùgbọ́n lábẹ́ pátákó ẹ ń fojú rí ohun tó dí i lọ́wọ́. Lábẹ́ ìró, nọ́ńbà nìkan lẹ máa rí.

Ẹ má sì jẹ́ kí nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn àmì ìdá tàn yín. Ẹ̀rọ tó kọ 119.6 kò tìtorí ìyẹn mọ gíga ọmọ dé mìlímítà.

Báwo lẹ ṣe lè dán tiyín wò? Ẹ wá ọ̀pá irin onígun mẹ́rin méjì, kí wọ́n gé ọ̀kan sí 60 sẹ̀ǹtímítà, èkejì sí 150. Ẹ fi téèpù irin wọn wọ́n, ẹ má lo téèpù aránṣọ, ó máa ń fà. Ẹ gbé pákó pẹlẹbẹ tó fẹ̀ tó 30 sẹ̀ǹtímítà lé orí ọ̀pá, kí ẹ sì ka ìnípọn pákó náà mọ́ gíga rẹ̀, torí ìró nílò ojú tó tẹ́ kó tó lè padà dáadáa. Ẹ pa fáànù, ẹ gbé ọ̀pá kúkurú sábẹ́ ẹ̀rọ, ẹ kọ ohun tó sọ sílẹ̀, kí ẹ gbé ọ̀pá gígùn náà síbẹ̀. Ẹ ṣe é láàárọ̀, ẹ tún un ṣe lọ́sàn-án.

Èsì yẹn á sọ irú àìsàn tó ń ṣe ẹ̀rọ. Tó bá fi iye kan náà ṣìnà lórí ọ̀pá méjèèjì, bíi 0.8 níhìn-ín, 0.8 lọ́hùn-ún, gíga ibi tí ẹ gbé e kọ́ sí ni ẹ kò fún un bó ṣe rí. Ó ṣeé tún ṣe láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀: ẹ tún ilẹ̀ wọn, ẹ tún un sẹ́ẹ̀tì. Tó bá jẹ́ pé àṣìṣe ọ̀pá kúkurú ju ti ọ̀pá gígùn lọ, eré ìró ni. Nínú yàrá ilé ìwòsàn ọjọ́sí, ọ̀pá 60 á fi 2.6 lé, ọ̀pá 150 á fi 1 lé. Ìyẹn kò ṣeé fi sẹ́ẹ̀tì àárọ̀ wò sàn. Ẹ ní láti máa sẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sí wákàtí tí ẹ fẹ́ lò ó, tàbí kí ẹ gbé e wá ká wo ohun tó ń wo ooru nínú rẹ̀. Nígbà mìíràn, ohun náà kò bàjẹ́. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni wọ́n kàn án mọ́, oòrùn ń pa á, ó sì ń rò pé gbogbo yàrá ló gbóná bíi ti òun. Nígbà náà, òdìkejì ló máa ṣe: á sọ ọmọ di kúkurú.

Òṣùwọ̀n onírin náà ní àléébù tirẹ̀, n kò ní fi pamọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tí mo lọ wò ni wọ́n kàn mọ́ ògiri láìfi téèpù wọn láti ilẹ̀, tàbí tí wọ́n gbé lé etí táìlì tó yọ síta. Pátákó orí lè máa mì, tí iwájú rẹ̀ á tẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀pá 60 yẹn náà lẹ máa fi mọ̀ ọ́n: ẹ gbé e dúró sílẹ̀, ẹ sọ pátákó kalẹ̀ sórí rẹ̀, 60 géérégé ló gbọ́dọ̀ kọ, ní àárọ̀ àti ní ọ̀sán. Tó bá ti gbà bẹ́ẹ̀, ó kù sọ́wọ́ ẹni tó ń wọn: bàtà kúrò lẹ́sẹ̀, gìgísẹ̀ kan ògiri, ojú ọmọ wo iwájú gan-an, kó má gbójú sókè.

Ìmọ̀ràn tèmi rèé. Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú ọmọ, tí ẹ ń fi gíga oṣù yìí wé ti oṣù tó kọjá, òṣùwọ̀n onírin ni kí ẹ rà, bí ẹ̀rọ díjítà tilẹ̀ ń fani mọ́ra. Ẹ̀yin oníkẹ́míìsì tí ẹ ń wọn àgbàlagbà tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, tí sẹ̀ǹtímítà kan kò ní yí ohun tí ẹ máa sọ fún un padà, ẹ lè lo ti ìró, kí ẹ ṣáà ní ọ̀pá nítòsí.

A ti gé ọ̀pá méjèèjì sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá ra ẹ̀rọ lọ́wọ́ wa lè wá yá wọn lò lọ́fẹ̀ẹ́. Tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ kọ gíga tí ẹ gbé ẹ̀rọ kọ́ sí dání, kí ẹ sì kọ wákàtí tí ẹ wọn ọmọ mọ́ ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà tí ẹ rí.