Lẹ́tà sí àbúrò mi tí ó ń kọ orin nípa ìyá wa

Òkun o, àbúrò mi.

Orin tí o fi ránṣẹ́ láti Lọ́kọ́jà ti tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní Kàbà níbí. Mo kọ ọ́ sókè lẹ́ẹ̀mejì kí n tó kọ lẹ́tà yìí, nítorí orin tí a kàn fi ojú kà kì í fi ibi tí ó ti yẹ̀ hàn. Ohùn rẹ̀ dùn mọ́ mi dé ọkàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú ẹsẹ àkọ́kọ́ kò tíì dé ilé wa. Jẹ́ kí a jọ wò ó:

Ìyá mi, ìfẹ́ rẹ kò lẹ́gbẹ́,
O jìyà púpọ̀ nítorí mi,
O sunkún omijé ẹ̀jẹ̀,
Ọjọ́ ayọ̀ ń bọ̀ fún wa.

Bí ọmọ Ìjẹ̀bú kan bá gbé ẹsẹ yìí, yóò kọ ọ́ fún ìyá tirẹ̀ láì yí ọ̀rọ̀ kan padà. Ìfẹ́, ìyà, ayọ̀: ẹni tó ń gbọ́ yóò mi orí, kò sì ní rí nǹkan kan. Ìlà kẹta ló tilẹ̀ ń tanni jẹ jù, nítorí pé omijé àti ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ohun tí ojú lè rí, a ó rò pé o ti fi nǹkan hàn wá. Ṣùgbọ́n bi ara rẹ pé níbo nínú àgbàlá wa ni omijé ẹ̀jẹ̀ náà ti bọ́ sílẹ̀. Bí o kò bá lè na ọwọ́ sí ibẹ̀, yọ ìlà náà kúrò.

Ìlà kejì ni mo fẹ́ kí a jókòó tì. Ìyà wo ni ìyá wa jẹ? Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Láti oṣù Kejì títí wọ oṣù Kẹrin, tí kaṣú bá ń já bọ́, ó máa ń ta èyí tó pọ̀ nínú hóró náà fún oníkílò, ó máa ń sun ìyókù fúnra rẹ̀ nínú agbada tí a ti dá ihò sí. Epo inú èèpo á máa ta pàrà nínú iná, èéfín dúdú á bo ẹ̀yìn ilé ìdáná. Nígbà tí ó bá ń fi òkúta fọ́ hóró náà, epo tó ṣẹ́ kù sára èèpo á máa jó o lọ́wọ́, bó tilẹ̀ fi eérú pa ọwọ́. Ìka rẹ̀ á dú, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan awọ rẹ̀ á bó. Ìka yẹn náà ló fi ń ka owó ilé-ìwé wa. Nítorí náà mo dábàá èyí:

Òróró kaṣú bó ọ níka,
O fìka bíbó kawó ìwé mi.

Kò sí "ìyà" níbẹ̀ mọ́, olùgbọ́ fúnra rẹ̀ ni yóò pè é ní ìyà.

Ṣọ́ra fún ohùn o. Sílébù mẹ́sàn-án ni ìlà kejì àtijọ́, mẹ́sàn-án náà ni ìlà àkọ́kọ́ nínú tuntun, ohùn mẹ́rin ìkẹyìn sì bá ara wọn mu rẹ́gí: "nítorí mi" àti "bó ọ níka" ń gòkè, wọ́n ń sọ̀ bákan náà. Ìbẹ̀rẹ̀ ni kò bára mu. Orin rẹ ń já sílẹ̀ níbi "jìyà", bẹ́ẹ̀ "òróró" ń ti ìsàlẹ̀ gòkè. Bí o bá fi ohùn àtijọ́ kọ ọ́, kò sẹ́ni tí yóò gbọ́ òróró níbẹ̀. Orin ni kí o yí, má yí ọ̀rọ̀.

Má sì kó gbogbo ohun tí mo kà sókè yìí sínú ẹsẹ kan. Bí agbada, eérú, òkúta àti èéfín bá tẹ̀lé ara wọn, olùgbọ́ yóò máa ka ẹrù, kò ní rí ìyá wa mọ́. Ìka nìkan tó. "Ìfẹ́ rẹ kò lẹ́gbẹ́" kò burú, ṣùgbọ́n gbé e lọ sínú ègbè, kí ó dé lẹ́yìn tí a ti rí ìka náà.

Ó ku "ọjọ́ ayọ̀". Rántí bí oníkílò ṣe máa ń bu hóró kún ọwọ́, tí ó máa mì í létí ara rẹ̀ láti mọ̀ bóyá ó ti gbẹ, tí ìyá wa kò sì ní sọ̀rọ̀ títí yóò fi gbọ́ ṣẹkẹṣẹkẹ. Ìró yẹn ni ayọ̀ ilé wa nígbà náà. Wá ìlà kan fún un, kí o gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí o tó fi ránṣẹ́, nítorí pé lórí ìwé lásán n kò ní lè mọ̀ bóyá ó bá orin mu.

Èmi ni, ẹ̀gbọ́n rẹ.